Mo Ṣí Aṣọ Lára Màmá Lójú Àna Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àwáwí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin òǹkàwé láàánú, ẹ ó ti fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, pé òṣìṣẹ́ ò tó, pé iná ò sí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí iná ló ṣe ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Olúwabùkúnmi lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé-ìwòsàn kan ní Ìlaró, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi èmi sí jù. Àwọn tó lẹ́ni lókè ń gba iṣẹ́ ọ̀sán, èmi tí mi ò mọ ẹnì kan ń gba alẹ́. Inú ti ń bí mi tipẹ́ kí Màmá Kòfowórọlá tó dé wọ́ọ̀dù wa.

Ìmásàyí ni wọ́n ti gbé Màmá wá. Àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ro. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mú ti wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ti pe Oyèrónkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, sí kọ̀rọ̀, ó ti sọ fún un pé kò sí ìwòsàn mọ́, pé kí Màmá má jẹ̀rora títí yóò fi lọ ni iṣẹ́ tó kù.

Àwọn ènìyàn rò pé tí wọ́n bá ti sọ báyìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán nìyẹn. Irọ́ ni. Ìgbà náà niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, àwa la ó máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì tọ̀sán-tòru, nítorí ibi tó bá fi lélẹ̀ jù, ibẹ̀ ni awọ á ti bó. Ti Màmá ti bó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Egbò ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí rẹ̀, lókè ìdí gan-an, tí a ní láti máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ká sì dì í.

Kò sí bí ẹ ṣe máa fọwọ́ kan irú egbò bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn ìrora. Mọ́fíìnì olómi la ń lò fún Màmá. A ó fà á sínú síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́, a ó rọra tú u sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀, a ó wá ní sùúrù fún bí ìlàjì wákàtí kó wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà, ènìyàn méjì ni yóò yí i, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí àti èjìká àti ìdí papọ̀, kí eegun ẹ̀yìn tó ti jẹrà yẹn má baà lọ́. Ẹnì kan á dì í mú síhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ẹnì kejì á máa tọ́jú ẹ̀yìn. Mo ń ṣàlàyé èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ènìyàn méjì ni, kì í ṣe ẹnì kan.

Oyèrónkẹ́ ní ọmọ ọwọ́, a kì í sì í gba ọmọ ọwọ́ láàyè ní wọ́ọ̀dù. Ó máa ń wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ á lọ fọ́mọ lọ́mú, ọkọ rẹ̀ á wá dúró. Ọkọ yẹn ń jẹ́ Ọládọ̀tun, olùkọ́ èdè Faransé ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa níbí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń ṣe tó ń dá mi lágara: kì í wọlé. Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ẹnu ilẹ̀kùn ni yóò ti dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, Màmá á dáhùn, ó di ìta. Tí a bá nílò omi, á sáré pọn ọ́n. Tí a bá nílò oògùn, á sáré rà á. Àmọ́ kó wọlé wá gbé ìrọ̀rí ìyá ìyàwó rẹ̀ lásán, ó tì.

Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé irú olùtọ́jú aláìsàn wo lèyí, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn bíi mẹ́gádì. Mo sì mọ̀ ọ́n ní tèmi o. Ọmọ Yewa lèmi náà. Mo mọ bí ọkùnrin ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, mo mọ̀ pé bàbá mi ò jẹun lójú ìyá ìyá mi rí. Mo kàn gbà pé tí ènìyàn bá ti wọ ilé-ìwòsàn, gbogbo ìyẹn ti dúró síta ni.

Alẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìyá Toheebat, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tí àwa méjèèjì jọ máa ń yí Màmá, ni wọ́n wá pè sí ibi ìgbẹ̀bí. Aboyún kan ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n ń wá ọwọ́. Ó ku èmi nìkan. Mo sì ti fún Màmá ní mọ́fíìnì rẹ̀ kí wọ́n tó wá pè é. Ibi tí mo ti ń dúró kí oògùn wọ ara ni mo ti gbọ́ òórùn: Màmá ti yàgbẹ́, ó sì ti wọ inú egbò.

Kò ṣeé fi sílẹ̀. Tí mo bá dúró de Ìyá Toheebat, oògùn á ti ń lọ lára rẹ̀, ìgbẹ́ á sì máa jẹ egbò. Ẹ rí i pé ohun tó ń lé mi kì í ṣe eré.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí mo lè pè. Rọ́fíàt, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin lódìkejì. Kí n kàn ké sí i ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀ ti jà lórí páálí ìbọ̀wọ́ kan. Mo ní òun ló kó o, ó ní òun ò kó o, mo sọ̀rọ̀ sí i, ó sọ̀rọ̀ sí mi. Mi ò fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Mo wojú wọ́ọ̀dù ọkùnrin, mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan tó lágbára ló jókòó síbẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Mo bá pe Ọládọ̀tun.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe àwàdà. Nígbà tó rí ojú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Sista. Àna mi ni wọ́n. Mi ò gbọ́dọ̀ rí ìhòòhò wọn.”

Mo ní, “Kò sí àna níbí. Aláìsàn ló wà níbí. Ṣé kí egbò pa wọ́n nítorí ojútì yín ni?”

Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun sáré lọ gbé obìnrin kan wá láti àdúgbò, pé àwọn ará ilé òun ò jìnnà. Mo ní ẹ̀dá wo ni yóò jí ní irú àkókò yìí. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú ń tì mí láti kọ: mo ní tó bá jẹ́ ìyá tó bí i ni, ṣé bó ṣe máa dúró nìyẹn? Ìyẹn ló mú un. Ó wọlé.

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ń mi orí, ó sì di ìró rẹ̀ mú ní àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo tú ìka rẹ̀ kúrò lára ìró náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mò ń sọ pé, “Màmá, ẹ má ṣagídí, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá.” Agídí ni mo pè é.

Mo yí i síhà ọ̀dọ̀ Ọládọ̀tun pé kó dì í mú. Ọkùnrin náà yíjú sí ògiri, ó di ojú rẹ̀ pa. Ẹni tó dijú ò mọ ibi tó ń fọwọ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, èjìká Màmá padà sẹ́yìn nígbà tí ìdí ṣì dúró, Màmá kérora.

Inú bí mi. Mo jágbe mọ́ ọn pé, “Ẹ lajú yín! Ẹ wo ibi tí ẹ fọwọ́ sí!”

Ó lajú, ó wò. Ojú Màmá náà là sílẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ Ọládọ̀tun ni mo kọ ojú rẹ̀ sí, ó sì rí i bí àna rẹ̀ ṣe ń wo òun, láìsí aṣọ lára, nínú ìgbẹ́. Mo rí àwọn méjèèjì. Mo tẹra mọ́ egbò tí mò ń fọ̀.

Mo dì í dáadáa, ẹ ò ní rí àṣìṣe kankan lára ìdì náà. Mo fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún rẹ̀, mo tún aṣọ tẹ́. Ọládọ̀tun lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọwọ́, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí lórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Nígbà tí mò ń fi iṣẹ́ lé àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́, Mètírọ̀n Ìbítóyè, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, bèèrè ẹni tó bá mi yí Màmá. Mo ní Ìyá Toheebat ni. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́ báyìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò mu omi, kò gba mọ́fíìnì. Tí a bá gbé síríńjì dé, á fún eyín pọ̀, á yíjú. Tí a bá fẹ́ yí i, á di ìró mú. Ìrora wá wọlé dé. Iwájú orí rẹ̀ kì í gbẹ fún òógùn, ó máa ń fa ojú ro, ọwọ́ rẹ̀ á máa fún irin bẹ́ẹ̀dì títí iṣan á fi yọ. Kò sì ké. Ká ní ó ké ni, ì bá tiẹ̀ sàn fún mi.

A ò lè fi tipá tú oògùn sí i lẹ́nu, torí tí kò bá gbé e mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Oògùn náà tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ti tán ní ilé-ìwòsàn wa, wọ́n ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, a ò rí i. Àwa kàn ń fi òwú tútù pa á létè kó má baà là.

Oyèrónkẹ́ ń sunkún, ó ń bẹ ìyá rẹ̀. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè wá mọ́. Ó bèèrè ìdí, ọkọ ní kó má bi òun. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, kò sọ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, òun ló wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pé kí n gba òun, pé ọkùnrin tóun rò pé òun fẹ́ ti yàtọ̀, pé ó ti kọ ìyá òun sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Ẹnu mi ni, kò sẹ́ni tó fún mi ní ọ̀rọ̀ sọ. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, “Bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe rí nìyẹn, àbúrò mi. Tí ìyá ìyàwó bá ti fẹ́ lọ, wọ́n á sá.”

Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin tó yẹ kó fi mí sùn, ó gbà kí ìyàwó rẹ̀ máa pe òun ní ọ̀dàlẹ̀ dípò kó la ẹnu sọ ohun tó rí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì jókòó síbẹ̀ mo ń mu tíì.

Nígbà tó yá, dókítà ní a ò lè máa wò ó báyìí. Ó ní kí a ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú dé ikùn, kí a máa gba ibẹ̀ fún un ní oògùn. Mètírọ̀n ò fẹ́. Ó ní ẹni tó ń lọ, tí orúnkún rẹ̀ ti ń yọ àbàwọ́n dúdú-dúdú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, kí la tún fẹ́ ki nǹkan bọ̀ ọ́ nímú sí, ó máa gbìyànjú láti fà á yọ, a ó tún wá dè é lọ́wọ́. Dókítà ní ṣé ká wá fi í sílẹ̀ nínú ìrora ni? Òun náà ò jẹ̀bi.

Wọ́n ti gbé rọ́bà náà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìparí iṣẹ́ mi ni, ojúmọ́ ti mọ́. Mètírọ̀n ní kí wọ́n dúró ná. Ó bèèrè ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ pa ẹnu dé. Oyèrónkẹ́ sọ ọ́. Mètírọ̀n yíjú sí Ìyá Toheebat tó ń nu ilẹ̀, ó ní, “Ìwọ lo bá Bùkúnmi yí wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé wọ́n fara pa ni?”

Ìyá Toheebat dìde dúró. Ó wò mí kó tó dáhùn, ó fẹ́ gbà mí là. Mo rí i pé ó fẹ́ gbà mí là.

Ó ní, “Mètírọ̀n, ẹ má bínú. Ibi ìgbẹ̀bí ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́.”

Oyèrónkẹ́ ló kọ́kọ́ yé. Ó ní, “Sista, ta ló wá bá yín yí i?”

Mo ní ọkọ rẹ̀ ni. Mo ní ó bẹ̀ mí, mi ò gbọ́. Mo ní mo jágbe mọ́ ọn kó lajú.

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó kàn ń wò mí, omi ọmú ń dà sí i láyà, kò mọ̀. Ó ní, “Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ pè mí ní àbúrò yín.” Ó jáde lọ pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, a ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mètírọ̀n ò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí wọ́n gbé rọ́bà kúrò. Ó ní ẹjọ́ mi ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe, nítorí òun ò mọ ẹlòmíràn tó lè ṣe é.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ojú mi àti ti Màmá lè dọ́gba. Mo fẹ́ sọ pé ó rẹ̀ mí ni. Mo fẹ́ sọ nípa ìgbẹ́ àti egbò. Mo wo bó ṣe di ìró mú, gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn di ìdọ̀tí lẹ́nu mi. Mo ní, “Màmá, mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ṣe é. Ẹ̀yin ò ṣagídí. Èmi ni mo ṣàìdáa sí yín.”

Ó pẹ́ kó tó lajú. Ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ. Ó ní, “Ṣé ó rí mi?”

Ẹ gbọ́, irọ́ wà lẹ́nu mi. Irọ́ tó dùn. Kí n kàn sọ pé ó dijú títí, pé kò rí nǹkan kan, kó lọ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ta ló máa bá mi jà? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bá ojú àna rẹ̀ pàdé lọ́jọ́ náà, ó mọ̀. Tí mo bá tún purọ́ fún un, mo ti sọ ọ́ di ọmọdé lẹ́yìn tí mo tú u sí ìhòòhò.

Mo ní, “Ó dijú, Màmá. Ó kọ ojú sí ògiri. Èmi ni mo fi agbára mú un kó wò. Ó rí yín.”

Omi jáde lójú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀ kalẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe jẹ òun náà níyà.” Ó sinmi. “Ẹ pè é wá. Kò gbọ́dọ̀ gbé ìyẹn sọ́kàn nígbà tí mo bá lọ tán.”

Ó wá la ẹnu fúnra rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní oògùn, kí ìrora má baà hàn lójú òun nígbà tí àna òun bá dé.

Mi ò lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo rìn lọ sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin, mo bá Rọ́fíàt níbi tó ti ń palẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ nípa ti ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá mi gbé Màmá. Ó ní ṣé nítorí ìbọ̀wọ́ ni mi ò ṣe pe òun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní òun ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè, ó tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí oògùn ti wọ̀ ọ́ lára, a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀, Oyèrónkẹ́ wọ bùbá aláwọ̀ aró kan fún un láti iwájú, a ò gbé apá rẹ̀ sókè, a kàn ki ẹ̀yìn aṣọ náà mọ́ ọn lára. Ó wé gèlè fún un. Màmá ní òun fẹ́ jókòó. Irin tó ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn sókè ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, ìrọ̀rí ò sì lè di eegun bẹ́ẹ̀ mú. Mo bọ́ bàtà, mo gun bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, Rọ́fíàt rọra gbé e fi tì mí láyà. Oyèrónkẹ́ da ìró ńlá bo àwa méjèèjì, kí àna má baà rí ẹni tó ń gbé Màmá dúró.

Ọládọ̀tun dé tòun ti ẹfun ìkọ̀wé lára ṣòkòtò. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì, ó sì fi ojú bolẹ̀.

Màmá ní, “Ẹ dìde, àna mi.”

Kò lè gbójú sókè. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí Màmá foríjin òun.

Màmá mí, mo mọ bó ṣe mí náà lára mi, mo mọ gbogbo agbára tó kó jọ. Ó ní, “Ẹ wò mí.”

Ọkùnrin náà gbójú sókè.

“Ẹ wò mí dáadáa. Bí mo ṣe rí nìyí.”

Ó wò ó. Ó wo gèlè, ó wo bùbá, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo rí yín, Màmá,” ó sì bú sẹ́kún. Màmá ṣe àdúrà fún un, fún iṣẹ́ rẹ̀, fún ọmọ tó wà nílé. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbọ̀n, láyà mi, níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí i.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún dúró pẹ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún Oyèrónkẹ́ pé etí ló ń gbẹ̀yìn kúrò lára ènìyàn, pé kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí títí èémí kan fi lọ tí òmíràn ò dé.

Nígbà tó ń kó ẹrù ìyá rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde. Ó ní, “Màmá ti dárí jì yín, Sista. Èmi ò tíì lè ṣe é.”

Mo ní mo gbọ́. Mo bá a gbé ẹrù náà dé ẹnu ọ̀nà, ó gbà á lọ́wọ́ mi níbẹ̀.